Ojú Ti Sáré Dé Kí Ọ̀rọ̀ Tó Parí: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìdánwò Tó Ń Fi Ìrìn Ojú Wá Bí A Ṣe Ń Dá Ọ̀rọ̀ Mọ̀

Ká ní nǹkan mẹ́rin wà lórí tábìlì níwájú yín: agbọ̀n tí wọ́n fi ọparun hun, àgbọn tí wọn ò tíì fọ́, ọkọ́ àgbẹ̀, àti ọkọ̀ kékeré tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ẹnì kan ní kí ẹ mú ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó bá ṣẹ́kù kí ọ̀rọ̀ náà fi parí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ojú yín ti ń fò láti orí ohun kan sí òmíràn kí ọwọ́ tó gbéra. Ẹ̀yin fúnra yín kò mọ̀ pé ẹ ń ṣe é. Fífò ojú yìí ni àwọn onímọ̀ èdè àti ti ìrònú ẹ̀dá rí mú, tí wọ́n sọ di irinṣẹ́. Wọ́n ń pè é ní ọ̀nà ayé-tí-ojú-rí: wọn á gbé ayé kékeré kan kalẹ̀ níwájú olùgbọ́, wọn á sọ̀rọ̀ sí i létí, ẹ̀rọ á sì máa ṣọ́ ibi tí ojú rẹ̀ ń lọ.

Roger Cooper ló kọ́kọ́ tẹ irú iṣẹ́ yìí jáde ní 1974. Ó ní kí àwọn èèyàn máa gbọ́ ìtàn, ó gbé àwòrán sí iwájú wọn, ó sì rí i pé ojú wọn ń lọ síbi ohun tí ìtàn náà ń dárúkọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n wò ó. Fún nǹkan bí ogún ọdún, ẹni tó tẹ̀lé e kò pọ̀. Ọdún 1995 ni Michael Tanenhaus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rochester, ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn ń lò. Wọ́n ní kí olùgbọ́ mú kándì, ìyẹn súìtì, láàárín àwọn nǹkan gidi tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà míì, kándù, ìyẹn àbẹ́là, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ bákan náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí kò sí àbẹ́là, ojú gbéra lọ síbi súìtì ní nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 145 lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà parí. Nígbà tí àbẹ́là wà, ó di 230. (Ẹgbẹ̀rún mìlísẹ́kọ́ǹdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.)

Ẹ má fojú kéré 145 yẹn. Láti ìgbà tí ọpọlọ bá ti pinnu pé ibí ni kí ojú lọ, títí ojú á fi gbéra, ó máa ń gba nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 200. Tí ojú bá wá gbéra ní 145 lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ parí, a jẹ́ pé ìpinnu náà ti wáyé kí ọ̀rọ̀ tó parí. Olùgbọ́ kò dúró kí a sọ ọ́ tán. Bí ohùn ṣe ń wọlé ni ó ń ṣa ọ̀rọ̀, tó sì ń kó gbogbo èyí tó bá ṣeé ṣe jọ.

Iye 200 yìí ni kí ẹ rántí jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ. Ohunkóhun tí etí bá gbọ́, ẹ fi 200 kún un kí ẹ tó retí rẹ̀ lójú. A máa rí ìlò rẹ̀ níwájú.

Ìdánwò tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ bá pàdé jáde ní 1998, láti ọwọ́ Allopenna, Magnuson àti Tanenhaus. Àwòrán mẹ́rin wà lójú kọ̀ǹpútà: bíkà, ìyẹn ife tí wọ́n ń lò ní láábù, bítù, kòkòrò oníkarawun, spíkà, àpótí tí ohùn ń jáde lára rẹ̀, àti kárééjì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní kí olùgbọ́ mú bíkà. Bítù bá a bẹ̀rẹ̀ bákan náà, spíkà bá a parí bákan náà, kárééjì kò bá a tan rárá. Bí a bá kà á ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ṣe é, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sára bíkà àti bítù pa pọ̀ láti nǹkan bíi 200 lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, bíi pé ọpọlọ kò tíì mọ èwo nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni bítù já bọ́. Spíkà náà gba ojú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé, kò sì pọ̀ tó ti bítù. Kárééjì kò gba nǹkankan tó ju ti ẹni tó kàn wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ wọ́n lórúkọ tiwa, kí n má baà máa tún wọn ṣàlàyé. Àwòrán tí a dárúkọ ni *ẹni tí a pè*. Èyí tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ẹni tí a pè ni *orogún*. Èyí tí kò bá a tan ni *àlejò*.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà rèé. Wọ́n á rí ìlà tó ń gòkè nínú gíráàfù tó ń fi hàn bí ojú ṣe ń wà lára àwòrán kọ̀ọ̀kan tó bí àkókò ṣe ń lọ, wọ́n á ní "ẹ wò ó, ọpọlọ ń ronú nípa bítù". Gíráàfù yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìlà orogún fúnra rẹ̀ kò túmọ̀ sí nǹkankan. Ojú á máa rìn kiri bóyá a sọ̀rọ̀ tàbí a kò sọ. Ó máa ń fò bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ní ohun tí ó fẹ́ràn: àwọ̀ tó ń tàn, ohun tó tóbi, ohun tó ní ojú bíi ti èèyàn. Ìbéèrè tó wà lábẹ́ gbogbo ètò ìdánwò yìí kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ojú ì bá ti ṣe ká ní ọ̀rọ̀ tí a sọ kò jọ orúkọ àwòrán yìí? Gbogbo làálàá tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí, ká lè dáhùn ìbéèrè yẹn ni.

Ká mú èdè wa ṣe é, torí pé Yorùbá ní ohun kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní: ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ tó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ní 2010, Malins àti Joanisse fi ọ̀nà yìí yẹ èdè Mandarin ti Ṣáínà wò, níbi tí ohùn lásán ló ya orúkọ bẹ́ẹ̀dì sọ́tọ̀ sí ti fèrèsé. Wọ́n rí i pé ohùn ń bá àwọn lẹ́tà rìn, kò gbẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n sílébù kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀rọ̀ náà, ibì kan náà ni ohùn wà nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ orúkọ tiwa sábà máa ń jẹ́ sílébù méjì, fáwẹ̀lì ló sì máa ń ṣáájú. Nítorí náà, a lè yàn ibi tí ìyàtọ̀ ohùn máa wà: ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí. Àgbọn àti agbọ̀n, ìyẹn èyí tí a ń jẹ àti èyí tí a ń fi ẹrù sí, yàtọ̀ láti fáwẹ̀lì àkọ́kọ́. Agbọ́n tó ń ta ni àti agbọ̀n ẹrù kò yàtọ̀ àyàfi ní fáwẹ̀lì ìkẹyìn.

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé olùgbọ́ Yorùbá ń lo ohùn ní kété tó bá ti gbọ́ ọ, àbí ó ń kó lẹ́tà jọ ná, kí ó tó wá fi ohùn yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn? Tó bá ń lò ó ní kété, tí a bá pe àgbọn, agbọ̀n ẹrù kò ní gba ojú fún ìgbà pípẹ́, torí ohùn ìsàlẹ̀ tó ṣáájú ti lé e jáde. Ṣùgbọ́n tí a bá pe agbọ́n, agbọ̀n ẹrù á bá a dù ú títí di fáwẹ̀lì ìkẹyìn.

Ìdẹkùn àkọ́kọ́ ni àlejò. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó rọrùn láti rí ọ̀rọ̀ tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, torí kọ́ńsónáǹtì pọ̀. Ní tiwa, fáwẹ̀lì díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ orúkọ. Tí mo bá pe àgbọn, tí mo sì fi àga ṣe àlejò, àga náà ti di orogún: fáwẹ̀lì kan náà, ohùn kan náà, títí kọ́ńsónáǹtì á fi dé. Bí mo bá wá fi ìlà agbọ̀n wé ìlà àga, ìyàtọ̀ á kéré, màá sì parí èrò sí pé kò sí ìdíje. Irọ́ ni. Àlejò tí mo yàn ni kì í ṣe àlejò.

Ìdẹkùn kejì ni ìtumọ̀. Ọ̀bẹ àti ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, torí gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ wọ́n, àwòrán wọn kò sì ṣòro. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná kan náà ni méjèèjì ń gbé. Huettig àti Altmann fi hàn ní 2005 pé tí èèyàn bá gbọ́ orúkọ dùùrù, ojú rẹ̀ á lọ síbi fèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn kò jọra rárá. Tí ojú bá wá lọ sí ọbẹ̀ nígbà tí a pe ọ̀bẹ, ta ló gbé e lọ? Ṣé ohùn ni àbí ìtumọ̀? Kò sí bí a ṣe lè mọ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo yọ wọ́n kúrò. Dahan àti Tanenhaus tún fi hàn, ní ọdún kan náà, pé ìrísí náà ń fa ojú: ẹni tó gbọ́ orúkọ ejò á wo okùn. Nítorí náà, bí àwòrán àgbọn bá rí róbótó, agbọ̀n ẹrù kò gbọdọ̀ rí róbótó. Ẹ ya agbọ̀n onígun mẹ́rin.

Mo wá tò ó báyìí. Nínú ètò kìn-ín-ní, èyí tí ohùn ti yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwòrán mẹ́rin náà ni àgbọn, agbọ̀n, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Nínú ètò kejì, èyí tí ohùn yàtọ̀ ní ìparí, agbọ́n, agbọ̀n, ọkọ́ àti ọkọ̀ ni. Ẹ kíyè sí i pé orí méjì-méjì ni wọ́n. Tí mo bá pe àgbọn, agbọ̀n ni orogún, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sì jẹ́ àlejò. Tí mo bá pe ọkọ̀, ọ̀kọ̀ ló di orogún, àgbọn àti agbọ̀n sì di àlejò. Àwòrán kan náà, níbì kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò yí padà; ohun tó yí padà kò ju ohun tí etí gbọ́ lọ.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ètò yìí nìyẹn, ó sì dáhùn ìbéèrè wa tààrà. Agbọ́n jẹ́ kòkòrò tó ń bani lẹ́rù, ojú á sì fẹ́ wò ó ju agbọ̀n ẹrù lọ. Kò sí wàhálà. Mi ò ní fi agbọ́n wé agbọ̀n. Agbọ́n tó jẹ́ orogún ni mo máa fi wé agbọ́n kan náà nígbà tó jẹ́ àlejò. Ìfẹ́ tí ojú ní sí i wà nínú méjèèjì, nígbà tí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ìfẹ́ yẹn á lọ, ohun tí ọ̀rọ̀ fà á ló máa kù. Ó tún ní àǹfààní míì: olùgbọ́ kò lè wo àwòrán kó sọ pé "àwọn méjì yìí jọra, ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n máa pè", torí méjì ló jọra lápá kan, méjì jọra lápá kejì.

Ó ṣì lè fura sí ìdánwò lápapọ̀ ṣá. Tí gbogbo ojú ìwé tó ń rí bá jẹ́ ohùn-ohùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ohùn lọ́nà tí kò jọ ti ojoojúmọ́. Ẹ fi àwọn ètò tí kò ní orogún rárá kún un, bíi ìlù, ẹja, àga àti ewúrẹ́. Kí wọ́n pọ̀ tó àwọn tí ẹ fẹ́ kà, ó kéré tán. Tí wọ́n bá jẹ́ ìlọ́po méjì, ó dára jù. Ẹ ò ní ka ìdáhùn wọn, ṣùgbọ́n àwọn ló ń pa àṣírí yín mọ́. Ẹ sì máa yí igun tí àwòrán máa wà padà láti ọ̀dọ̀ olùgbọ́ kan sí èkejì, torí ojú ẹni tó ti mọ ìwé kà máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òkè lápá òsì.

Kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀, ẹ kó àwòrán yín lọ bá bí ogún èèyàn tí kò ní wà nínú ìdánwò náà, kí ẹ ní kí wọ́n sọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ìgbéraga ti máa ń bọ́ lára onímọ̀. Ẹ ya ọkọ̀, wọ́n á ní "mọ́tò". Ẹ ya ọ̀kọ̀, ọ̀dọ́ Ìbàdàn á ní "ọfà". Bí orúkọ tó wà lọ́kàn olùgbọ́ bá jẹ́ mọ́tò, àwòrán yẹn kì í ṣe orogún ọ̀kọ̀ mọ́, ohunkóhun tí ẹ ì báà kọ sínú ìwé yín. Ọ̀kọ̀ tún ní àìsàn kejì: a kò fi bẹ́ẹ̀ ń dárúkọ rẹ̀ mọ́. Dahan, Magnuson àti Tanenhaus fi hàn ní 2001 pé láàárín orogún méjì, èyí tí a ń gbọ́ lemọ́lemọ́ ló ń gba ojú jù. Tí ọ̀kọ̀ bá kùnà láti díje, ó lè jẹ́ pé ohùn ló lé e, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ó kéré tán, yíyí ipò padà tí a ti ṣe á jẹ́ ká rí i: tí ọ̀kọ̀ kò bá dí ọkọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń dí ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ gan-an, àìlò ọ̀rọ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́.

Ó kan gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ máa wà nínú rẹ̀. Ohun tó wá sọ́kàn ni "mú agbọ̀n", "wo ọkọ̀". Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "mú" kó dúró kó tó sọ pé "agbọ̀n"; "mágbọ̀n" là ń sọ. Fáwẹ̀lì méjì ti wọnú ara wọn, ohùn àárín tó wà lórí "a" ti lọ, ohùn òkè ti "mú" ló kù níbẹ̀. Ibi tí a fẹ́ fi wá ìyàtọ̀ gan-an ni ìpajẹ ti gbé mì. Tí ẹ bá sì fipá ya wọ́n, olùgbọ́ á gbọ́ ọ bí ẹni tó ń ka ìwé fún ọmọ iléèwé jéléósinmi.

Ẹnì kan á ní, ẹ kàn sọ ọ̀rọ̀ náà nìkan, ká sinmi. Ìyẹn náà kò dára. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín kò ní ìwọ̀n tó dúró lójú kan; ohùn àárín ọkùnrin lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ obìnrin. Tí olùgbọ́ kò bá tíì gbọ́ ẹni náà lẹ́nu, fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan kò lè sọ fún un dájú pé "à" ni àbí "a". Ohun tí mo gbà ni gbólóhùn tó máa kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ ohùn ẹni náà, kí ìdádúró díẹ̀ wà, kí orúkọ tó tẹ̀ lé e: "Fọwọ́ tẹ àwòrán tí o bá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Agbọ̀n." Gbólóhùn ìṣáájú kan náà, tí a gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ iwájú gbogbo orúkọ. Tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, ohùn rẹ̀ lè tú àṣírí kí orúkọ tó dé.

Ẹ ṣí orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ohùn tí a gbà sílẹ̀ wò, kí ẹ wọn ibi tí fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní nínú agbọ̀n, "a" gba mìlísẹ́kọ́ǹdì 100, "gb" gba 90. Fáwẹ̀lì ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ní 190. Ká ní ohùn nílò nǹkan bí 40 nínú fáwẹ̀lì kí etí tó lè yà á sọ́tọ̀. Ẹ wá fi 200 ti ojú kún un. Nínú ètò kìn-ín-ní, ìyàtọ̀ wà lórí "a", nítorí náà, tí olùgbọ́ bá ń lo ohùn ní kété, ìlà ẹni tí a pè àti ti orogún yẹ kí wọ́n yapa ní nǹkan bí 40 pẹ̀lú 200, ìyẹn 240. Nínú ètò kejì, 190 pẹ̀lú 40 pẹ̀lú 200 ni: 430. Àlàfo 190 tó wà láàárín méjèèjì ni gbogbo ìdánwò náà. Bí ohùn bá jẹ́ ohun tí ọpọlọ ń fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn, àlàfo náà á kéré, ètò kìn-ín-ní náà á pẹ́ kó tó yapa. Ẹ kọ iye yìí sílẹ̀ kí ẹ tó rí ojú olùgbọ́ kankan. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti rí gíráàfù lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan àkókò tí ẹ máa kà, ẹ máa rí ohun tí ẹ bá fẹ́.

Báwo ni kí àwòrán ṣe pẹ́ tó lójú kọ̀ǹpútà kí ọ̀rọ̀ tó wọlé? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Huettig àti McQueen yẹ̀ ẹ́ wò ní 2007 lédè Dutch. Nígbà tí olùgbọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láti wo àwòrán, ojú rẹ̀ lọ sí orogún tí orúkọ rẹ̀ jọra. Nígbà tí àwòrán jáde ní mìlísẹ́kọ́ǹdì 200 péré kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìdíje ti orúkọ pòórá. Ti ìrísí àti ti ìtumọ̀ ló kù. Ìdí rẹ̀ ni pé kò tíì ráyè sọ orúkọ àwòrán fún ara rẹ̀ kí ohùn tó dé. Fún tiwa, màá fi àwòrán sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìdáhùn yìí gé lápá méjì: ohun tí à ń wọ̀n kì í ṣe gbígbọ́ lásán, ó jẹ́ gbígbọ́ ẹni tó ti ní orúkọ mẹ́rin lọ́wọ́ kí a tó lanu.

Nípa ẹ̀rọ, kò pọ̀ ohun tí mo ní í sọ. Kámẹ́rà kan ń fi iná tí ojú wa kò lè rí sí ẹyinjú, ó ń wo bí ó ṣe ń tàn padà àti ibi tí ọmọlójú wà, ó sì ń fi ìyẹn ṣírò ibi tí a ń wò. Òmíràn ń ka ojú ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn ní 500, òmíràn ní 1000. Àwọn ti 1998 fi fídíò tó ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá ṣe tiwọn, ó sì tó fún wọn. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí olùgbọ́ sún díẹ̀ lórí àga, kí ẹ̀rọ máa rò pé òkè ni ó ń wò nígbà tó ń wo ìsàlẹ̀. Ẹ fi àgbélébùú kékeré sí àárín kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, kí olùgbọ́ wò ó. Tí ẹ̀rọ bá ní kì í ṣe ibẹ̀ ni ojú wà, ẹ dúró, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ sì jẹ́ kí àwòrán jìnnà síra, kí àṣìṣe kékeré má lè gbé ojú láti ọ̀dọ̀ orogún bọ́ sọ́dọ̀ àlejò.

Ó di ìṣirò. Ká ní a ti kó gbogbo ìgbà tí a pe agbọ́n jọ, a sì wo ibi tí ojú wà ní 400. Nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún, ojú wà lára agbọ́n ní 38, lára agbọ̀n ní 30, lára ọkọ́ ní 11, lára ọkọ̀ ní 11, ó kù 10 tí ojú wà ní àárín. Àlejò kọ̀ọ̀kan gba 11, orogún gba 30: ìyàtọ̀ 19 ni ìdíje. Ẹ wá lọ wo agbọ̀n kan náà ní 400 nígbà tí a pe ọkọ̀, tí ó jẹ́ àlejò. Tó bá gba 12 níbẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Tó bá gba 25, àwòrán yẹn ló wu ojú, 5 péré ni ọ̀rọ̀ fà.

Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ wo apá òsì gíráàfù kí ẹ tó wo ibòmíràn. Láti 0 sí nǹkan bí 200, kò sí ohun tí etí gbọ́ tó lè ti hàn lójú. Ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà nítòsí ara wọn níbẹ̀. Bí orogún bá ti ga ju àlejò lọ ní 50, kò sí bó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ló gbé e ga. Ohun kan ti jò: àwòrán kan wuyì jù, tàbí igun kan ló ń gbà á lemọ́lemọ́, tàbí gbólóhùn ìṣáájú ti sọ àṣírí. Mo ti rí gíráàfù tó rẹwà tí wọ́n gé apá yìí kúrò lára rẹ̀. Irú rẹ̀ kì í jẹ́ kí n ka ìyókù.

Àṣìṣe kan tún wà tí ojú kò lè rí. Ẹ̀rọ tó ń ka ojú ní 500 ìgbà á fún yín ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà nọ́ńbà, ó sì ń ṣe èèyàn bíi pé ẹ̀rí ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó dúró síbì kan máa ń dúró fún bí 200 sí 300. Ìlà ọgọ́rùn-ún tó tẹ̀ lé ara wọn lè jẹ́ ìdúró kan ṣoṣo tí a kà ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ẹni tó bá kà wọ́n bí ẹ̀rí ọgọ́rùn-ún á rí ìyàtọ̀ níbi tí kò sí. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni kó mú àkókò kan tó ti yàn sílẹ̀, bíi 240 sí 430 ti òkè yìí, kó ṣírò nọ́ńbà kan ṣoṣo fún olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ti orogún kí a yọ ti àlejò kúrò, kó wá fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ṣe ìfiwéra láàárín ètò méjèèjì. Kó sì tún ṣe é pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí tí ó bá jẹ́ agbọ́n nìkan ló ń gbé èsì náà ró, ìròyìn nípa agbọ́n ni, kì í ṣe nípa èdè Yorùbá.

Ibẹ̀ sì ni ètò tí mo tò yìí ti máa rọ́gọ. Ọ̀rọ̀ bíi àgbọn àti agbọ̀n, tí méjèèjì ṣeé yà, tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí ìtumọ̀ wọn kò sì bára tan, kò pọ̀. Mo ti jókòó kà wọ́n. Kí n tó dé mẹ́wàá mo ti ń fi àpá bá apá ṣe, tí mo sì mọ̀ pé ara apá náà ni àpá wà. Àwọn olùgbọ́ pẹ̀lú kì í ṣe ẹlẹ́dè kan. Spivey àti Marian fi hàn ní 1999 pé ọmọ Rọ́ṣíà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ní kó mú máákà, ìyẹn sítáǹpù lédè rẹ̀, á wo bírò tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní máákà. Fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, erin kì í ṣe àlejò sí ẹja: "ẹ́lífáǹtì" ti wà lọ́kàn rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń yan àlejò, ẹ pè é ní èdè méjèèjì kí ẹ tó fi í sórí kọ̀ǹpútà.